Akáǹtì àpapọ̀ wa, Àkúrẹ́ àti Oǹdó, fún ọdún tó parí ní 31 Dìsẹ́ńbà 2024

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tẹ́ ẹ ní ìpín níbí. Mílíọ̀nù náírà ni gbogbo owó tó wà nísàlẹ̀ yìí. Iléeṣẹ́ àga wa ni mo ń pè ní Àkúrẹ́, sọ́míìlì tá a ra ìpín 75% nínú ẹ̀ ní 1 Jánúárì 2022 ni mo ń pè ní Oǹdó, 25% tó kù wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ bàbá tó dá a sílẹ̀.

Èrè ọdún

Ọjà tá a tà (200 + 90 − 30): 260
Iye tí ọjà ná wa (140 + 60 − 30 + 2): 172
Èrè lórí ọjà: 88
Ìnáwó ọ́físì, dísù àti owó oṣù (30 + 14): 44
Owó orí (9 + 4): 13
Èrè tó kù: 31
Ti onípìn-ín Àkúrẹ́: 28.5
Ti onípìn-ín yòókù ní Oǹdó: 2.5

Ohun tá a ní àti ohun tá a jẹ

Ilẹ̀, ilé àti ẹ̀rọ (120 + 85): 205
Gúdúwìlì: 15
Ọjà tó wà nílẹ̀ (40 + 35 − 2): 73
Owó tí wọ́n jẹ wá (30 + 32 − 12): 50
Owó báńkì àti owó ọwọ́ (20 + 18 + 3): 41
Àpapọ̀: 384

Owó ìdásílẹ̀ Àkúrẹ́: 100
Èrè tá a ti kó jọ: 168.5
Ìpín àwọn onípìn-ín yòókù ní Oǹdó: 34.5
Gbèsè tá a jẹ (60 + 30 − 9): 81
Àpapọ̀: 384

Àlàyé

Wọ́n ti bi mí lẹ́ẹ̀mejì pé ṣebí 75% la ní, kí ló dé tí mo kó gbogbo ẹ̀rọ Oǹdó wọlé. Àṣẹ ni IFRS 10, ìlànà ìṣirò owó tá à ń tẹ̀ lé, ń wò, àwa la sì ń pàṣẹ níbẹ̀, torí náà gbogbo ẹ̀ máa wọlé ni, ká wá ya ti àwọn tó ni 25% sọ́tọ̀. 34.5 yẹn kì í ṣe gbèsè o, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kà á mọ́ 81. Owó onípìn-ín ni, abẹ́ ibi tí owó onípìn-ín wà ló máa jókòó sí.

Lọ́jọ́ tá a rà á, ohun tí Oǹdó ní lẹ́yìn gbèsè jẹ́ 100 (owó ìdásílẹ̀ 60, èrè àtẹ̀yìnwá 40). A san 90, ìpín ti wọn jẹ́ 25, ìyẹn 115, ó fi 15 ju 100 yẹn lọ, 15 tó lé yẹn là ń pè ní gúdúwìlì. A yẹ̀ ẹ́ wò bí ìlànà IAS 36 ṣe ní ká máa ṣe lọ́dọọdún, kò dín. 90 tí Àkúrẹ́ kọ sílẹ̀ bí owó tó fi ra ìpín ti wá kúrò pátápátá.

Ní ti gbèsè àárín ara wa, ibẹ̀ ló gbà mí lákòókò jù. Oǹdó ní Àkúrẹ́ jẹ òun ní 12, Àkúrẹ́ ní 9 lòun jẹ, àwọn méjèèjì ò sì parọ́. Mo jókòó ti ìwé báńkì títí mo fi rí i pé tàǹsífà 3 tí Àkúrẹ́ ṣe ní 30 Dìsẹ́ńbà, 2 Jánúárì ló tó wọlé sí Oǹdó. Owó wa tó wà lójú ọ̀nà ni, ìyẹn ni mo fi fi 3 kún owó báńkì, tí mo wá yọ 12 níbí, 9 lọ́hùn-ún.

Pákó tí Oǹdó tà fún Àkúrẹ́ lọ́dún yẹn jẹ́ 30, mo yọ ọ́ nínú títà, mo yọ ọ́ nínú rírà, torí èèyàn ò lè ta ọjà fún ara ẹ̀. Nígbà tá a ń ka ọjà ní yáàdì Àkúrẹ́ ní 31 Dìsẹ́ńbà, pákó ìrókò àti ọ̀gànwó tó ṣì ní àmì ṣọ́ọ̀kì Oǹdó lára jẹ́ 10. Oǹdó máa ń fi èrè 25% lé iye tó ná wọn, nítorí náà 2 nínú 10 yẹn jẹ́ èrè tí kò tíì sí oníbàárà kankan tó san án. Oǹdó ló tà á, torí náà àtàwa àti àwọn onípìn-ín ibẹ̀ la jọ gbé àdánù 2 yẹn: 1.5 tiwa, 0.5 tiwọn.

Báyìí ni 34.5 ṣe jáde: èrè tí Oǹdó ti kó jọ kúrò ní 40 lọ sí 80, ìyẹn fi 40 lé sí i, yọ 2, ó ku 38, ìdá mẹ́rin rẹ̀ jẹ́ 9.5, fi kún 25. Tiwa nínú 38 yẹn jẹ́ 28.5, mo fi kún èrè 140 tí Àkúrẹ́ ti kó jọ. Ti ọdún yìí nìkan, Oǹdó jèrè 12, yọ 2, ìdá mẹ́rin 10 ni 2.5 yẹn. Oǹdó ò pín owó èrè fún ẹnikẹ́ni lọ́dún náà, torí ẹ̀ ni kò ṣe sí nǹkan kan láti yọ níbẹ̀.

Mo ti bá akọ̀wé owó méjèèjì sọ̀rọ̀, láti oṣù yìí wọ́n á máa fi ohun tí wọ́n jẹ ara wọn ránṣẹ́ síra wọn ní ọjọ́ 25, kí wọ́n sì fọwọ́ sí i.