Lẹ́tà sí Àjàní lórí ráífù

Ìjòmù, Àkúrẹ́
22 Oṣù Kẹwàá, 2024

Àjàní ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ, mo sì kí ọmọ rẹ obìnrin tó ń fi èdè Oǹdó bú mi lórí fóònù bí ẹni pé ẹgbẹ́ ni wá. Ara mi le, ojú nìkan ni kò fẹ́ gbọ́ràn mọ́. Dókítà ojú ní kí n má wa mọ́tò lálẹ́ mọ́. Kò bi mí nípa ìbọn, èmi náà kò sì sọ fún un, ṣùgbọ́n ẹni tí kò rí ojú ọ̀nà dáadáa kò tún gbọdọ̀ máa wá ojú ẹran nínú igbó.

Ráífù mi, ìwọ ni mo fún. Mo ti sọ ọ́ lójú bàbá rẹ àti àwọn àbúrò rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ lẹ́yìn mi pé òun kò gbọ́. Àbúrò bàbá rẹ tó wà ní Èkó ní kí n tà á. Mo ní kó kọ́kọ́ lọ ta mọ́tò rẹ̀ ná, ká wá jọ pín owó rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ sì tán.

O lè máa bi ara rẹ léèrè pé kí ló dé tó fi jẹ́ ìwọ. Ṣé o rántí ìrọ̀lẹ́ tí a lọ sí oko ọ̀nà Ìdànrè, tí igbó mì tìtì lẹ́bàá ebè iṣu? Ọ̀rẹ́ mi tó bá wa lọ ń ta ọ́ lẹ́jìká pé kí o yìn ín, kí o yìn ín, ọ̀yà ni. O ní, “Bàbá, n kò tíì rí i.” O gbé ẹnu ìbọn sílẹ̀. A kò mọ ohun tó wà nínú igbó yẹn títí dòní. Ọ̀rẹ́ mi ń ráhùn dé ilé, ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn gan-an ni mo ti pín ìbọn yìí nínú ọkàn mi.

Ìwé ló ṣáájú. Lẹ́tà yìí nìkan ni mo fi rán ẹni tó ń bọ̀ ní Oǹdó, ìbọn kò kúrò nílé. Òfin ìbọn ilẹ̀ wa ti wà láti 1959, kò sì sọ pé ọmọ ọmọ lè gbé ìbọn bàbá àgbà rẹ̀ rìn nítorí pé wọ́n jọ ń jẹ́ orúkọ kan. Ìbọn lè di ogún, ìwé àṣẹ kì í di ogún. Orúkọ mi ni wọ́n kọ sí èyí tó wà lọ́wọ́ mi. Wá, ká jọ lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn ọlọ́pàá, kí n sọ ọ́ lójú wọn pé ìwọ ni mo fẹ́ gbé e fún, kí ìwọ náà kọ̀wé béèrè ti tìrẹ. Bí wọ́n bá ní kí a kó o sí ìpamọ́ lọ́dọ̀ wọn títí ìwé yóò fi jáde, a ó kó o síbẹ̀, a ó sì gba ìwé ẹ̀rí. Bí wọ́n bá ní kò ṣeé ṣe, a jẹ́ pé kò ṣeé ṣe nìyẹn. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé òun mọ ẹnì kan tí yóò bá ọ fi ọwọ́ ẹ̀yìn ṣe é.

Mo fẹ́ kí o mọ ohun tó ń bọ̀ lọ́wọ́ rẹ. Kì í ṣe ṣakabùlà tí wọ́n ń ki ẹ̀tù sí lẹ́nu, kì í sì í ṣe ìbọn tí ń tú ọta wẹ́wẹ́ ká bí àwọn èyí tí o rí lọ́wọ́ àwọn ọlọ́dẹ. Ráífù .22 ni, iṣẹ́ Brno, ní ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ṣẹkosilofákíà nígbà yẹn. Owó kòkó ni mo fi rà á ní Ìbàdàn ní 1971. Ọta márùn-ún ló ń wọ inú àpò ọta rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló sì ń yìn wọ́n: o gbọ́dọ̀ gbé bóòtù, ọ̀pá irin tó ń ti ọta wọlé, sókè, fà á sẹ́yìn, tì í síwájú, kí òmíràn tó wọlé. Ní apá òsì ìdí rẹ̀, wàá rí ibi tí igi ti dán tó sì ti fẹ́lẹ́. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ló ṣe é bẹ́ẹ̀. Má ṣe gbé e fún káfíńtà kó tún un kùn.

Nítorí pé ọta rẹ̀ kéré, àwọn ènìyàn a máa fojú di í. Ọta náà kò wúwo tó gíráàmù mẹ́ta, ṣùgbọ́n lára páálí rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí pé ó lè rin máìlì kan àbọ̀. Láti inú oko wa, ìyẹn ti kọjá ọ̀nà ọ̀dà, ó ti wọ abà ẹlòmíràn. Nítorí náà, kí o tó wo ẹran, wo ohun tó wà lẹ́yìn ẹran. Má yìn ín sí orí òkè níbi tí ojú ọ̀run nìkan ti wà lẹ́yìn rẹ̀. Má yìn ín sí ojú omi. Ní apá ibi tí àwa ti ń ṣoko yìí, ṣọ́ra fún àpáta jù lọ: àpáta Ìdànrè kì í gba ọta mọ́ra, ṣe ni yóò ta á padà, ìwọ kò sì mọ ibi tí yóò gbà. Ilẹ̀ tó ga bí bèbè lẹ́yìn ẹran ni mo máa ń wá.

Ọ̀yà, òkété, ehoro, àparò: àwọn ni ẹran rẹ̀. Má fi í yìn ìgalà. Yóò ṣe é léṣe, ìgalà á sá wọ igbó, á lọ kú síbi tí ìwọ kò ní dé, ìyẹn kì í ṣe ọdẹ. Akika ńkọ́? Fi í sílẹ̀ kó máa lọ, ìbáà jókòó sí ẹsẹ̀ rẹ. Òfin ti dáàbò bò ó láti 1985, mo sì mọ̀ pé nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́, a máa ń rí i ju báyìí lọ. Igbó ìjọba náà, má wọ̀ ọ́ láìgba àṣẹ. Bí o bá sì pa nǹkan, fún àwọn ará abà jẹ níbẹ̀. Wọ́n ní bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́ ro ìyà, tó bá pa ẹran kò ní fún ẹnikẹ́ni jẹ, ṣùgbọ́n ìwọ, olùkọ́ tí ìjọba ń san owó oṣù fún, ìyà wo lo fẹ́ rò?

Ó ku ìtọ́jú. Bí o bá ti gbé e, kódà bí ìṣẹ́jú kan sẹ́yìn ni o fi í sílẹ̀, yọ àpò ọta, fa bóòtù sẹ́yìn, wo inú rẹ̀, kí o tún fi ọmọ ìka kékeré kan inú ihò náà. Ojú a máa tan ni jẹ lálẹ́, ìka kì í tan ni. Má fi ìka kan tírígà títí ìwọ yóò fi wo ohun tí o fẹ́ yìn. Má fà á ṣeré nígbà tí kò sí ọta nínú rẹ̀, nítorí irú ọta yìí, etí ìdí rẹ̀ ni irin máa ń gbá. Bí kò bá sí ọta níbẹ̀, irin á máa gbá irin, etí ihò tí ọta ń wọ̀ á sì bàjẹ́. Bí o bá fà á, tí ọta kò dún, má ya bóòtù ṣí kíá. Kọ ẹnu rẹ̀ sí ilẹ̀ tó dára, dúró fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 30, kí o tó yọ ọta náà. Ó lè pẹ́ kó tó dún.

Àwọn ọlọ́dẹ kan a máa fi ẹnu fẹ́ ẹnu ìbọn kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ó ṣófo. Bí mo bá rí ọ níbi tí o ti ń ṣe é, n óò gba ìbọn mi padà.

Fífọ̀ rẹ̀ kò le. Rí i dájú pé ó ṣófo, fa tírígà mú, kí o wá fa bóòtù jáde pátápátá. Gbé e sí ìmọ́lẹ̀, wò ó láti ẹ̀yìn wá sí ẹnu. Nǹkan tí mo ń wá nígbà gbogbo ni agbọ́n tó ń fi amọ̀ kọ́lé. Bí ìbọn bá jókòó fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ó lè ti dí ẹnu rẹ̀ pa, amọ̀ náà a sì le bí bíríkì. Bí o bá yìn ín bẹ́ẹ̀, irin náà lè wú tàbí kó ya. Lẹ́yìn èyí, ya síńgílẹ́ẹ̀tì funfun tó ti gbó, fi wé orí ọ̀pá idẹ tó wà nínú àpótí, láti ẹ̀yìn ni kí o ti kì í bọ̀, kì í ṣe láti ẹnu, nítorí ẹnu ìbọn ni ọta ti ń gba ọ̀nà lọ, bó bá ha, kò ní tọ́ mọ́. Òróró díẹ̀ ló nílò. Òróró ẹ̀rọ ìránṣọ ni mo máa ń lò. Epo pupa, òróró ìdáná, kò sí èyí tó gbọdọ̀ kàn án: wọ́n á dì, bóòtù á há. Kí o tó yìn ín, nu òróró inú irin náà gbẹ.

Òógùn ọwọ́ ni ọ̀tá rẹ̀ jù. Ibi tí ọwọ́ rẹ bá kàn, nù ún kí o tó sùn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, lọ́jọ́ kejì wàá rí ìpẹtà ní ìrísí ìka rẹ gan-an. Ẹ̀jẹ̀ náà nìyẹn, nítorí iyọ̀ wà nínú rẹ̀. Nígbà ọdún Ògún, àwọn ìbátan wa yóò wá sọ fún ọ pé kí ìbọn náà jẹ nǹkan díẹ̀. Dá wọn lóhùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí wọ́n ta ẹ̀jẹ̀ sí ojúbọ, kí wọ́n fi irin mi sílẹ̀. Ògún fúnra rẹ̀ kò fẹ́ irin tó dípẹtà.

Ní àsìkò òjò, máa nù ún lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Nígbà ọyẹ́, wo igi rẹ̀ bóyá ó ń ya, kí o fi òróró línsíìdì pa á. Má tọ́jú rẹ̀ sínú àpò awọ. Awọ ń mu omi, á sì máa fi rọra jẹ irin. Kọjú ẹnu rẹ̀ sílẹ̀ nínú àpótí onírin, kí òróró má baà ṣàn wọ inú igi. Kọ́kọ́rọ́ àpótí yẹn, ìwọ nìkan ni kó mọ ibi tó wà. Ọta ní àpótí tirẹ̀, ní yàrá mìíràn. Ọmọ rẹ kò tíì pé ọdún márùn-ún, mo sì mọ bó ṣe ń yọ nǹkan jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Alágbẹ̀dẹ kan yóò sọ fún ọ pé òun lè lu ihò rẹ̀ tóbi kó lè gba ọta ńlá. Kí i, kí o sì máa lọ. Ìbọn náà wọ́ díẹ̀ sí ọ̀tún ní mítà 50, mo ti mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni tún un ṣe.

Wá ní Sátidé tó ń bọ̀, ká lè tètè jáde sí ọ̀dọ̀ àwọn ọlọ́pàá ní Mọ́ńdè. Mú fọ́tò pélébé àti nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ dání. Kí o sì bá mi ra òróró ẹ̀rọ ìránṣọ ìgò kan ní Oǹdó, ìyá rẹ àgbà ti fi tèmi rán aṣọ ẹgbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì tán, ó sì ní òun kò fọwọ́ kàn án.

Èmi ni,
Bàbá rẹ àgbà