Àwòrán agbádá tí ẹ fi ránṣẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, màmá. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Àwòrán tí ẹ fi ránṣẹ́ sí Wáásáàpù mi lọ́sàn-án ti wọlé, ó sì mọ́lẹ̀ dáadáa. Ẹ ò kọ nǹkan kan tẹ̀lé e, ẹ ò sì fi ohùn ránṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí mo rí, kí ẹ lè tọ́ mi sọ́nà bí mo bá ṣì í wò.

Agbádá ni, wọ́n tẹ́ ẹ sórí ẹní, àyà rẹ̀ kọjú sókè. Ẹtù gidi ni. Aró rẹ̀ ṣì dúdú minimini, àwọn ìlà funfun tín-ín-rín sì là á já bí ìyẹ́ ẹyẹ ẹtù, níbi tí orúkọ rẹ̀ ti wá. Mo rí àyìnrín díẹ̀ láàárín àwọn funfun náà. Òfì àtijọ́ ni: tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n hun ún, wọ́n wá rán an pọ̀. Inú mi dùn láti rí i, nítorí irú rẹ̀ kì í sábà jáde nínú àpótí mọ́. Iṣẹ́ abẹ́rẹ́ tó wà lọ́rùn pé, kò tú níbì kankan.

Ṣùgbọ́n ní èjìká òsì, ibi tí wọ́n ti rán tẹ́ẹ́rẹ́ méjì pọ̀ ti là, ó tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan. Ihò kékeré mẹ́ta tún wà nísàlẹ̀, nítòsí etí aṣọ. Mo fẹ àwòrán náà lójú fóònù, mi ò lè mọ̀ bóyá kòkòrò ló jẹ ẹ́ ni àbí nǹkan ló ya á.

Ohun méjì ló rú mi lójú. Ẹ na tépù láti ọrùn dé àyà. Aṣọ pupa kan tí wọ́n ká sì yọjú ní igun ọ̀tún, ó jọ àlàárì, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ nìkan ni mo rí.

Nítorí náà, màmá, kí lẹ fẹ́ kí n ṣe? Ṣé àtúnṣe ni? Rírán èjìká yẹn kò le, ọjọ́ kan péré ni. Ihò yẹn ló gba sùúrù, torí òwú tuntun kò ní bá aró àtijọ́ dọ́gba. N óò fẹ́ yọ òwú láti inú àpò rẹ̀ fi dí i, bí ẹ bá gbà. Àbí irú rẹ̀ lẹ fẹ́ kí n hun fún ẹlòmíràn, tí ẹ fi ń wọ̀n ọ́n? Àbí ẹ fẹ́ kí àlàárì yẹn bá a lọ ní fìlà?

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì fọ̀ ọ́, kí aró má baà ṣàn sí funfun, ẹ má sì jẹ́ kí aránṣọ gé ohunkóhun nínú rẹ̀. Ẹ fi ohùn ránṣẹ́ sí mi nígbà tí ẹ bá ráyè, kí ẹ sì ya ihò yẹn sún mọ́ra lójú oòrùn fún mi. Mo wà ní ìdí òfì ní Ìsẹ́yìn títí di alẹ́ Sátidé.