Sí gbogbo òṣìṣẹ́: owó oṣù kẹtàlá yóò pẹ́ kó tó jáde

Mọ́níyà, Ìbàdàn
Ọjọ́ 9, oṣù Kejìlá, ọdún 2024

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ wa,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ọyẹ́.

Owó oṣù kẹtàlá tí a máa ń san kí Kérésìmesì tó dé kò ní jáde lóṣù yìí. Ìdajì rẹ̀ yóò wọlé ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹta, kí Ìtúnu Ààwẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀; ìyókù di ọjọ́ 30 oṣù Karùn-ún. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi, kó má jẹ́ pé ìdí ààrò lẹ ti máa gbọ́ ọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń já fúláwà mọ̀ pé iye tá à ń ra àpò kan báyìí ti ju ìlọ́po méjì ti ọdún méjì sẹ́yìn lọ. Ìpele A ni iná wa wà: ní oṣù Kẹrin, wọ́n gbé owó yúníìtì kan láti Naira 68 lọ sí 225. Wọ́n dín in kù díẹ̀ lẹ́yìn náà, àmọ́ ẹ̀dín ọ̀hún ò tó nǹkan. Bí iná bá sì lọ, díísù la fi ń yan búrẹ́dì. Ẹ̀ẹ̀mejì la ti fowó lé búrẹ́dì lọ́dún yìí. Bá a bá tún fi lé e, àwọn ìyá tó ń gbà á lọ́wọ́ wa yóò ya ibòmíràn, mi ò sì ní dá wọn lẹ́bi. Ilé ìwé méjì ṣì jẹ wá lówó táámù tó kọjá.

Owó oṣù Kejìlá yín yóò wọ báńkì ní ọjọ́ 20, kọ́bọ̀ kan kò ní dín níbẹ̀. A kò ní dá ẹnikẹ́ni dúró nítorí ọ̀rọ̀ yìí. Àpò ìrẹsì ọdún wà. Òróró ni kò sí. A fagi lé ayẹyẹ ìparí ọdún. Owó ọkọ̀ tí àwa ọ̀gá ń gbà ti dúró láti oṣù Kọkànlá, tèmi nínú owó oṣù kẹtàlá kò sì ní jáde àfi bí tiyín bá pé.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín ti pín owó yìí lọ́kàn: owó ilé, owó ilé ìwé oṣù Kìn-ín-ní, àjọ tó yẹ kẹ́ ẹ dá. Mi ò ní ní kẹ́ ẹ má bínú. Ẹni tí ọ̀rọ̀ bá ká mọ́, kó rí akọ̀wé owó kí ọjọ́ 18 tó kọjá. Ó lè gba 30,000 naira ṣáájú láìsí èlé, inú owó oṣù Kẹta la ó ti yọ ọ́. Ẹnì kankan kò ní gbọ́ orúkọ rẹ̀.

Ìdajì àkọ́kọ́ dájú. Mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà lórí ìkejì, torí ó dúró lórí gbèsè àwọn ilé ìwé yẹn. Bó bá fẹ́ yẹ̀, màá sọ fún yín ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú.

Lọ́la, aago méjì ọ̀sán, màá wà ní gbàgede. Aago mẹ́wàá alẹ́ ni ti àwọn aṣiṣẹ́ òru. Ìwé ìnáwó yóò wà lọ́wọ́ mi. Ẹ béèrè ohun tó bá wà lọ́kàn yín.

Èmi ni tiyín,
Alákòóso Àgbà