Ìròyìn Onímọ̀ lórí Bí Òrùlé Gbọ̀ngàn Ilé-Ẹ̀kọ́ Kan Ṣe Wó ní Ìsẹ́yìn

Èmi tí mo fọwọ́ sí ìwé yìí jẹ́ ẹnjinníà ilé kíkọ́ tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ náà ní Nàìjíríà, mo sì ti lo ọdún 21 lẹ́nu rẹ̀. Agbẹjọ́rò ẹni tó ni ilé-ẹ̀kọ́ ló pè mí, òun náà ló sanwó iṣẹ́ mi, ṣùgbọ́n ilé-ẹjọ́ ni mo ń kọ̀wé fún, ohun tó bá sì jẹ́ òótọ́ lójú mi ni n ó kọ, ì báà gbè é, ì báà má gbè é. Abala 68 nínú Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011 gba ilé-ẹjọ́ láàyè láti gbọ́ èrò onímọ̀. Nítorí náà ni mo ṣe ya ohun tí mo rí sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí mo rò, kí adájọ́ lè gba èkíní, kó sì kọ èkejì bí kò bá fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Ohun tí mo rí àti ohun tí mo wọ̀n

Òrùlé náà wó ní òru ọjọ́ 9 oṣù Èbìbí 2025 nígbà tí òjò àti ìjì ń jà, kò sì sí ẹnikẹ́ni nínú gbọ̀ngàn. Mo dé ibẹ̀ ní ọjọ́ 13. Gbọ̀ngàn náà gùn ní mítà 12, ó fẹ̀ ní mítà 9. Búlọ́ọ̀kù ni wọ́n fi mọ ògiri rẹ̀, kò sì sí kọnkéré tó yí orí ògiri náà ká bí ìgbànú. Férémù igi afárá mẹ́sàn-án ló gbé páánù, mítà 1.2 sì wà láàárín ọ̀kan sí èkejì.

Férémù márùn-ún àárín ló wó. Méjì tó wà ní ìkángun kọ̀ọ̀kan ṣì wà lókè. Lára gbogbo àwọn márùn-ún tó wó ni wọ́n ti fi ayùn gé igi ìdábùú ìsàlẹ̀, èyí tó so ẹsẹ̀ férémù ti ọ̀tún mọ́ ti òsì, tí wọ́n sì yọ nǹkan bí mítà 4 kúrò láàárín rẹ̀. Igi yìí pé pérépéré lára àwọn mẹ́rin tí kò wó. Ojú ibi tí ayùn gbà ti ṣú, ẹfun píópì sì ti gbẹ mọ́ mẹ́ta nínú wọn.

Orí ògiri ọ̀tún tẹ̀ síta ní mìlímítà 58, ti òsì ní 41, kìkì níbi tí férémù márùn-ún náà jókòó sí. Mo gé píópì tó fẹ̀ ní mítà kan níbùú lóròó láti inú àwókù, ó wọn kìlógíráàmù 19. Ikán ti jẹ igi méjì, ṣùgbọ́n kì í ṣe ibi tí ikán jẹ ni wọ́n ti ṣẹ́.

Wọ́n ti kó apá kan àwókù náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé kí n tó dé. Èyí dùn mí gan-an, nítorí bí igi ṣe ṣubú lé ara wọn ni ohun àkọ́kọ́ tí olùwádìí máa ń kà. Nínú fọ́tò tí àwọn olùkọ́ yà láàárọ̀ ọjọ́ 10 ni mo ti rí i pé páánù wà nínú gbọ̀ngàn, ó ṣì kàn mọ́ igi, ó sì ká wọnú láàárín bí ìwé tí a ṣí sílẹ̀. N kò rí ọ̀kan tó fò jáde nínú àwọn fọ́tò náà.

Olórí ilé-ẹ̀kọ́ sọ fún mi pé inú oṣù Ṣẹ́rẹ́ ni wọ́n ṣe píópì, tí wọ́n gbé àárín rẹ̀ sókè kí gbọ̀ngàn lè ga. Ohun tí mo gbọ́ nìyí, kì í ṣe ohun tí mo rí.

Èrò mi

Èrò mi ni pé igi ìdábùú tí wọ́n gé ló fà á, èyí sì dá mi lójú gidigidi. Nígbà tí igi méjì bá forí tira lókè, ẹsẹ̀ wọn a máa fẹ́ yà síta, igi ìdábùú ló ń dì wọ́n mú. Bí a bá ti gé e, ògiri ni yóò máa gba títì náà. Ìṣirò rẹ̀ nìyí, níbi tí H jẹ́ títì náà, w jẹ́ ìwúwo tó wà lórí mítà kọ̀ọ̀kan férémù, L jẹ́ fífẹ̀ gbọ̀ngàn, h sì jẹ́ gíga férémù ní mítà:

```
H = wL²/(8h) = 48 × 9² / (8 × 1.8) = 270
```

Ìyẹn ni pé ẹsẹ̀ férémù kọ̀ọ̀kan ń ti ògiri síta bí ẹrù kìlógíráàmù 270. Lábẹ́ àjà pákó fẹ́lẹ́ ti tẹ́lẹ̀, títì náà ì bá má ju nǹkan bí 160 lọ. Mo wọn píópì, ṣùgbọ́n mo fojú ṣírò ìwúwo páánù àti igi sí kìlógíráàmù 21 lórí mítà onígun mẹ́rin; àròpọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú 19 ti píópì, ní ìlọ́po mítà 1.2 tó wà láàárín férémù, ló fún wa ní 48. Bí iye yẹn bá yí padà díẹ̀, 270 yóò yí padà, àmọ́ èrò mi kò ní yí.

Káfíńtà tí wọ́n pè lẹ́jọ́ sọ nínú ìwé rẹ̀ pé ìjì ló wó òrùlé náà. Mo gbé èyí yẹ̀ wò dáadáa. Ìjì tó bá ṣí òrùlé a máa fà á sókè, a sì máa gbé páánù lọ. Èyí wó sísàlẹ̀, ó sì ti ògiri síta. Ó ṣeé ṣe kí ìjì náà ti òrùlé tó ti ń yọ̀ lọ ṣubú, n kò sì lè yọ ọ́ kúrò. Síbẹ̀ férémù mẹ́rin tó pé fara da ìjì kan náà lábẹ́ páánù kan náà.

Ta ló gé igi náà, ta ló sì ní kí wọ́n gé e? Ìbéèrè ilé-ẹjọ́ nìyẹn, kì í ṣe tèmi.

Ògiri tó tẹ̀ náà ṣì dúró. Nígbà tí mo wà níbẹ̀, àwọn ọmọ ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ sí ilé ìyàgbẹ́. Mo bẹ̀ pé kí wọ́n dí ọ̀nà náà lónìí, kí wọ́n má dúró de ìdájọ́.

Ìbàdàn, ọjọ́ 26 oṣù Èbìbí 2025