Ojú Tó Ṣófo

Wọ́n ti lẹ èsì sáà kẹta mọ́ pátákó láti Ọjọ́rú. Ní Ọjọ́bọ̀, Ṣadé wá bá Àǹtí Mojí ní yàrá àwọn olùkọ́, ó kúnlẹ̀, ó na ìwé tẹ́ẹ̀sì mẹ́ta sí i.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, B2 tí mo rí nínú Ìṣirò yẹn ò yé mi."

34, 36, 32, ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú 40. Tẹ́ẹ̀sì mẹ́rin ni wọ́n ṣe, àmọ́ lọ́sẹ̀ tí wọ́n ṣe ìkẹta, orí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn ni Ṣadé wà, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún un ni. Àǹtí Mojí fúnra rẹ̀ lọ kí i níbẹ̀. Nínú ìdánwò àṣekágbá, ó gba 47 nínú 60.

"Dìde, máa lọ sí kíláàsì. Màá yẹ̀ ẹ́ wò."

Ó ṣí kọ̀ǹpútà, ó wá orúkọ ọmọ náà kàn. Ojú tẹ́ẹ̀sì kẹta ṣófo, bó ṣe fi í sílẹ̀ gan-an. Àmọ́ 25.5 ni kọ̀ǹpútà kọ síbi àròpín. Ó mú pẹ́ńsù. 34 àti 36 àti 32, 102 ni. Bí a bá pín in sọ́nà mẹ́ta, 34 ni. Ó tún pín in sọ́nà mẹ́rin: 25.5. Ó tẹ ojú náà, fọ́múlà rẹ̀ yọ lókè:

```
=(C14+D14+E14+F14)/4
```

Láti sáà kìíní ló ti kọ ọ́. Ní sáà méjèèjì tó kọjá, kò sọ́mọ tó pa tẹ́ẹ̀sì kankan jẹ, ìyẹn ni ò jẹ́ kí àṣìṣe náà hàn. Tí èèyàn bá fi àmì ìròpọ̀ ro nǹkan pọ̀ nínú Excel, òdo ló máa ń ka ojú tó ṣófo sí. Ọmọ tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ abẹ fún àti ọmọ tó jókòó ṣe tẹ́ẹ̀sì tí kò gba máàkì kan ṣoṣo, bákan náà ni wọ́n rí lójú rẹ̀.

Ó pa á rẹ́, ó kọ òmíràn:

```
=AVERAGE(C14:F14)
```

34 yọ. Ó di 81 pẹ̀lú ìdánwò. A1.

Ó fà á kan gbogbo orúkọ tó kù, máàkì bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà lójú rẹ̀. Nígbà tó dé orí Káyọ̀dé, àyà rẹ̀ já. 18, òfo, òfo, 20. Ọkadà ló gbá ọmọ yẹn, ilé teguntegun ló wà fún odidi oṣù kan. 9.5 ni kọ̀ǹpútà ti fún un tẹ́lẹ̀. Pẹ̀lú 21 tó gbà nínú ìdánwò, ó jẹ́ 30.5, F9. Ní ilé ìwé yìí, ẹni tó bá gba F9 nínú Ìṣirò ò ní gòkè. Báyìí, 19 àti 21, ó di 40. E8. Ó yege.

Àmọ́ Bíọ́dún náà ti fò sókè. Tẹ́ẹ̀sì kan péré ló ṣe, ó gba 38, ó sì ń sá fún mẹ́ta tó kù, ẹ̀yìn ilé oúnjẹ ni wọ́n ti ń rí i. AVERAGE fò gbogbo ojú tó ṣófo, ó gbé 38 fún un. Èyí náà ò tọ́. Kọ̀ǹpútà ò lè mọ ẹni tó ṣàìsàn yàtọ̀ sí ẹni tó sá. Àǹtí Mojí gbé rẹ́jísítà àti fáìlì lẹ́tà àwọn òbí jáde, ó ń yẹ̀ wọ́n wò níkọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ní lẹ́tà, ó fi ojú rẹ̀ sílẹ̀ ní òfo. Ẹni tó sá, ó fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ 0 síbẹ̀. Ọmọ kan tó ti kó lọ sí ìlú mìíràn kó tó ṣe tẹ́ẹ̀sì kankan wá di `#DIV/0!`. Ó yọ orúkọ rẹ̀ kúrò.

Igbákejì ọ̀gá àgbà ń ti ọ́fíìsì rẹ̀ nígbà tí Àǹtí Mojí mú bébà èsì tuntun náà débẹ̀.

"Ìyáàfin, káàdì ti jáde tán. Ẹni tó bá wá ráhùn, ká tún tiẹ̀ ṣe."

"Ṣadé lẹ́nu, sà, ó sì wá. Káyọ̀dé ò ní wá. Òun gan-an ti gbà pé olódo lòun."

"Èèyàn mélòó ni?"

"Mẹ́fà, sà. Àmọ́ ipò gbogbo kíláàsì ló yí."

Ọkùnrin náà gba bébà náà, ó kà á lórí ìdúró, ó tún ṣílẹ̀kùn padà. "Ẹ wọlé. Ẹ jẹ́ ká tẹ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀."

Lálẹ́ ọjọ́ náà, Àǹtí Mojí pe bàbá Káyọ̀dé.

"Ẹ káalẹ́ sà. Olùkọ́ Káyọ̀dé ni."

"Ẹ káalẹ́, Àǹtí. A ti gbọ́ èsì náà. Mo ti bá ọ̀gá mẹkáníìkì kan sọ̀rọ̀, ọjọ́ Ajé ló ń bẹ̀rẹ̀."

"Ẹ má tíì mú un lọ, sà. Ọmọ yín yege. Èmi ni mo ṣi máàkì rẹ̀ ṣírò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

"Ó yege bí?" Ó pe ẹnì kan nínú ilé. "Ìyá Káyọ̀dé! Ẹ wá gbọ́. Àǹtí, ẹ tún un sọ. Káyọ̀dé, ìwọ náà sún mọ́bí."

"40 ló gbà, mà. Ó gòkè."