Èsì lórí Orí Kejì iṣẹ́ àṣekágbá rẹ: oríkì lẹ́nu àwọn alága ìdúró

Bùkọ́lá,

Mo ti ka Orí Kejì tí o fi ránṣẹ́. Mo kọ àwọn àtúnṣe kéékèèké sí etí ìwé náà. Àwọn tó wúwo ni mo kó jọ síbí. Bó ṣe wà yìí, n kò lè jẹ́ kí ó dé iwájú àwọn olùyẹ̀wò, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí kò ṣe é tún ṣe nínú rẹ̀.

Orí ọ̀rọ̀ rẹ dára púpọ̀. Oríkì tí àwọn ìyá ilé máa ń kì fún ọmọ ilé wọn ni alága ìdúró àti alága ìjókòó wá ń kì lórí makirofóònù báyìí, fún àwọn tí kì í ṣe ẹbí wọn, tí wọ́n sì ń gbowó iṣẹ́ lé e. Ọ̀rọ̀ ńlá ni. Ohun tó dùn mí nípa Orí Kejì ni pé kò hàn níbẹ̀ rárá. Ẹni tó bá kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kò lè mọ̀ pé iṣẹ́ lórí ìgbéyàwó ni wọ́n fẹ́ ṣe.

Ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ ni bí o ṣe tò ó. Babalọlá (1966) sọ báyìí, ìpínrọ̀ parí. Ọlátúnjí (1984) sọ tọ̀hún, ìpínrọ̀ parí. Ó kan Awẹ́, ó kan Barber. Ó dà bí alága tó ń pe orúkọ àlejò lọ́kọ̀ọ̀kan láì sọ ohun tí ẹnikẹ́ni jẹ́ sí ìyàwó. Kì í ṣe orúkọ onímọ̀ ló yẹ kó to orí yìí, ìbéèrè tìrẹ ni. Ta ló ni oríkì? Ta ló lẹ́tọ̀ọ́ láti kì í? Kí ni ẹni tó ń kì í ń fi kún un tàbí yọ kúrò nínú rẹ̀? Gbé ìbéèrè kọ̀ọ̀kan kalẹ̀, kí o wá pe àwọn onímọ̀ sí i, kí a rí ibi tí ẹnu wọn ti kò àti ibi tí kò ti kò.

Wo ojú-ewé kẹsàn-án. O kọ ọ́ pé “Barber fara mọ́ èrò Awẹ́ pé ìtàn ni oríkì.” Barber kò sọ bẹ́ẹ̀. Òun náà gbà pé ìgbà àtijọ́ ń bẹ nínú oríkì, ṣùgbọ́n gbogbo akitiyan ìwé rẹ̀ ni láti fi hàn pé kì í wá bí ìtàn tó ní ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin. Ẹyọ ẹyọ ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní ibi tó ti ṣẹ̀ wá, ẹni tó ń kì í ló sì ń ṣà wọ́n jọ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó dojú kọ ṣe jẹ́. Bákan náà, Òkukù ló ti ṣe ìwádìí rẹ̀, kì í ṣe Ìbàdàn tí o kọ. Irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ ló ń jẹ́ kí olùyẹ̀wò fura pé akẹ́kọ̀ọ́ kò ṣí ìwé náà. Lọ ṣí i. Nígbà tí o bá dé ibi tó ti sọ̀rọ̀ lórí rárà ìyàwó, má kánjú níbẹ̀, nítorí ìyàwó fúnra rẹ̀ ló ń sun rárà yẹn. Lóde òní alága ló ń sọ̀rọ̀, ìyàwó ń kúnlẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Ibo ni ohùn ìyàwó gbà lọ? Bí Orí Kejì rẹ bá lè mú òǹkàwé dé ẹnu ìbéèrè yìí, o ti ṣiṣẹ́.

Mo tún ìpínrọ̀ kan kọ kí o lè rí ohun tí mò ń wí:

“Awẹ́ (1974) wo oríkì gẹ́gẹ́ bí ohun tí òpìtàn lè fi wádìí ìgbà àtijọ́. Ibòmíràn ni Barber (1991) kọjú sí: àwọn obìnrin tó ń kì í ní Òkukù, àti bí wọ́n ṣe ń ṣa ẹyọ oríkì jọ. Àwọn méjèèjì gbà pé ìgbà àtijọ́ wà nínú oríkì, ṣùgbọ́n nínú iṣẹ́ Barber ni a ti rí i pé ẹni tó ń kì í lọ́wọ́ nínú ohun tí oríkì ń sọ. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ yìí ti gbéra, nítorí ọ̀pọ̀ ìgbà ni alága ìdúró kì í ṣe ọmọ ilé tí ó ń kì.”

Má dà á kọ. Wò ó bí gbólóhùn ìparí ṣe mú ọ̀rọ̀ wá sílé sọ́dọ̀ rẹ. Kò sí ìpínrọ̀ kankan nínú tìrẹ tó ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní ojú-ewé kẹfà, o pe oríkì, ìjálá, rárà àti ẹ̀sà ní ẹ̀yà kan náà, o sì fi Ọlátúnjí gbè é lẹ́sẹ̀. Òdìkejì ohun tó wí nìyẹn. Ọ̀tọ̀ ni ó to oríkì, ẹsẹ Ifá, ọfọ̀, òwe àti àlọ́ àpamọ̀, tí a ń fi àbùdá inú wọn dá mọ̀. Ọ̀tọ̀ ni ó to ìjálá, rárà àti àwọn yòókù tí a ń fi bí a ṣe ń sun wọ́n dá mọ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi ń bá oríkì pàdé nínú ìjálá, tí a tún ń bá a pàdé nínú rárà. O nílò ìyàtọ̀ yìí gan-an, torí pé alága kan náà lè kì oríkì bí ẹni ń sọ̀rọ̀, kó sun ún, kó tún gbé e wọ orin fújì kí onílù tó dákẹ́. Babalọlá (1966) ńkọ́? Ìjálá ọdẹ ni ìwé náà dá lé. Sọ ohun tó mú un dé ibi ìgbéyàwó. Èyí tó súnmọ́ ọ jù ni Àwọn Oríkì Orílẹ̀ rẹ̀ ti 1967, o kò sì fọwọ́ kàn án.

“Kò sí onímọ̀ kankan tó tíì ṣiṣẹ́ lórí èyí rí.” Yọ ọ́. O kò tíì wo pẹpẹ iṣẹ́ àṣekágbá tó wà nínú ilé ìkàwé ẹ̀ka wa, ibẹ̀ sì ni ẹni tó yẹ kí o bá sọ̀rọ̀ lè wà. Sọ ohun tí àwọn iṣẹ́ tí o kà wò, kí o wá sọ ohun tí wọn kò wò.

Ọ̀rọ̀ àyọlò kò ṣe é fojú fò. Gbólóhùn méjì tí mo fà ní pupa lójú-ewé keje kì í ṣe ohùn rẹ. Ohùn rẹ yé mi. Bí o bá yá ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn, fi àmì àyọlò sí i, kí o kọ ojú-ewé tí o ti rí i. Inú iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn ni o ti mú ọ̀rọ̀ Awẹ́. Lọ ka àpilẹ̀kọ náà fúnra rẹ. Ojú-ewé ayélujára tí kò ní orúkọ òǹkọ̀wé, yọ ọ́. Tíọ́rì, kó o sí abẹ́ àkọlé tirẹ̀. A óò sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ nígbà míràn.

Ìpínrọ̀ tó wù mí jù wà lójú-ewé kọkànlá, níbi tí alága kan ti sọ fún ọ pé ọ̀dọ̀ ìyá ọkọ òun ni òun ti kọ́ oríkì Oníkòyí. Orí Kẹrin ló yẹ kó wà, ṣùgbọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri níbi tí o ti ń kọ̀wé. Òun ni kó máa sọ fún ọ ìwé tí o nílò àti èyí tí o kò nílò.

Má tíì tún orí náà kọ. Kàwé ná, kí o mú ojú-ewé kan ṣoṣo wá sí ọ́fíìsì mi ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, kí aago méjì tó lù: àwọn ìbéèrè rẹ, àti orúkọ àwọn onímọ̀ tí o fẹ́ pè sí abẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí èyí bá ti dúró, a óò jọ fẹnu kò lórí ọjọ́ tí o máa kọ ọ́ wá.

Alábòójútó rẹ