Lẹ́tà sí bọ́ọ̀dù lórí sítọ̀ oògùn àti owó aláìsàn

12 Oṣù Kẹta, 2025

Sí Alága àti gbogbo ọmọ bọ́ọ̀dù ọsibítù,
Ògbómọ̀ṣọ́.

Ẹ̀yin àgbà wa, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àmójútó. A ti parí ọ́dítì ọdún 2024, ìwé àkáǹtì fúnra rẹ̀ ń bọ̀ lọ́tọ̀, ohun tí a rí tí ò dáa la kọ síbí, kì í sì í ṣe gbogbo ẹ̀ nìyí torí díẹ̀ la mú yẹ̀ wò.

Sítọ̀ oògùn ló ká wa lára jù. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń gba ọjà, òun ló ń kọ ọ́ sílẹ̀, òun ló ń fún wọ́ọ̀dù, tí oṣù bá parí òun náà ló máa kà á. Oògùn 40 la kà, 13 nínú ẹ̀ ni káàdì ò bá ohun tó wà lórí sẹ́ẹ̀fù mu. Abẹ́rẹ́ seftiráksóònù, káàdì ní 210, àwa rí 164. Wọ́n ní àwọn nọ́ọ̀sì ló máa ń wá mú un lóru tí èmájẹ́ǹsì bá dé, ó lè rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ kò síwèé kankan tó sọ bẹ́ẹ̀. Pẹntasósíìnì, oògùn ìrora tó yẹ kó wà ní àtìpa, dúrọ́ọ̀ tí ò ní kọ́kọ́rọ́ la ti bá a.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọkàn sí fíríìjì. Ọsitósíìnì tí wọ́n ń gún fún ìyá kẹ́jẹ̀ má baà ya lẹ́yìn ìbímọ, ìwọ̀n 2 sí 8 lórí tẹmómítà ló yẹ kó wà, wọn ò kọ ìwọ̀n kankan sílẹ̀ látoṣù Kẹjọ, ẹ sì mọ bí iná ṣe ń ṣe wá níbí. Ẹ̀mí ló wà nínú ìyẹn o, ó ju ọ̀rọ̀ owó lọ.

Ní ti owó, nínú fáìlì aláìsàn 60, 11 ló gba oògùn tí ò sí nínú bíìlì. Òdìkejì ẹ̀ náà wà: ní wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé, ìyá kan sanwó dírípù mẹ́ta, ọ̀kan ni wọ́n fà sọ́mọ lára, wọn ò sì dá owó padà. Kaṣíà lè káńsù rìsíìtì fúnra ẹ̀ láìsẹ́ni tó máa sáìnì, tẹ́nìkan bá sì fi tiransífà hàn lórí fóònù, wọ́n á gbà á láìdúró kí báńkì fi alẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́.

Ẹ ya ẹni tó ń gba oògùn sọ́tọ̀ sẹ́ni tó ń kà á. Ẹ jẹ́ kí akáńtáǹtì máa sáìnì gbogbo rìsíìtì tí wọ́n bá káńsù, kí oògùn tó máa tètè ẹ̀kìsípáyà máa kọ́kọ́ jáde ní sítọ̀. Ẹ dá owó ìyá yẹn padà. Ọ̀gá fámásì gbà pé òótọ́ ni gbogbo ohun tí a rí, ó ní òṣìṣẹ́ ni ò tó, àmọ́ akọ̀wé kan láti rékọ́ọ̀dù lè máa bá wọn ka oògùn lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ìyẹn ò ní ná yín ní owó oṣù tuntun.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fèsì sí wa ní kíkọ láàárín 30 ọjọ́, kẹ́ ẹ sì sọ ẹni tó máa ṣe ìkọ̀ọ̀kan nínú ẹ̀.

Àwa ọ́dítọ̀ yín.